Ọ̀nà Méjì Láti La Mẹ́fà

Ẹ fún ọmọ iléèwé mẹ́ta ní nọ́ńbà 60 kí wọ́n là á. Ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 × 10, èkejì pẹ̀lú 4 × 15, ẹ̀kẹta pẹ̀lú 3 × 20. Bí oníkálukú bá ń la èyí tó kù síwájú títí kò fi sí èyí tó ṣeé là mọ́, ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ti bá ara wọn: 2 × 2 × 3 × 5. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ kọ 5, ẹlòmíràn lè fi í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n 2 méjì, 3 kan àti 5 kan ni gbogbo wọn yóò bá lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí ẹni tí yóò rí 7 níbẹ̀ láé.

Bí obì àbàtà ló rí. Ẹni tó ń pa obì kò lè là á níbi tó bá wù ú. Ibi tí awẹ́ ti fara kan awẹ́ ló máa ń là sí, ẹnikẹ́ni tó wù kó mú un lọ́wọ́. Nítorí náà, awẹ́ ni n ó máa pe àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí a sọ di púpọ̀ kí wọ́n tó di nọ́ńbà ńlá. Awẹ́ tí kò ṣeé là mọ́, bíi 2, 3, 5, 7 àti 11, n ó pè é ní aláìṣeélà. Carl Friedrich Gauss, ará Jámánì, ló kọ òfin awẹ́ yìí sílẹ̀ ní kedere tó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, nínú ìwé Disquisitiones Arithmeticae tó jáde ní 1801. Ó ti pẹ́ kó tó kọ ọ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń lo òfin náà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rò pé ó nílò ẹ̀rí kankan.

Àmọ́ ibì kan wà tí òfin yìí ti kùnà, kò sì jìnnà. Nọ́ńbà 6 tí gbogbo wa mọ̀ ló kùnà lé lórí. Kí a tó débẹ̀, a ní láti fẹ agbo àwọn nọ́ńbà wa díẹ̀.

Tí a bá sọ 3 di púpọ̀ lọ́nà 3, a ó ní 9. Ìyẹn ni pé 9 jẹ́ alágbára méjì 3, 3 sì jẹ́ gbòǹgbò 9. Nínú àwọn nọ́ńbà tí a fi ń ná ọjà, kò sí èyí tí alágbára méjì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà òdì, nítorí pé òdì lọ́nà òdì kì í fún wa ní òdì. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní ká má dá ọ̀kan sílẹ̀. A ó mú nọ́ńbà tuntun kan, a ó kọ ọ́ ní √−5, ìlànà kan ṣoṣo tí a ó sì fún un ni pé, níbikíbi tó bá ti pàdé ara rẹ̀ nínú ìsọdipúpọ̀, òdì 5 ni yóò dà. Ẹ má ṣe dààmú ara yín lórí ibi tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ń gbé. Òfin ìṣirò rẹ̀ ni a nílò, òfin náà sì yé.

Nísinsìnyí, ẹ kó gbogbo nọ́ńbà tó ní ìrísí a + b√−5 jọ, níbi tí a àti b ti jẹ́ odidi, ìbáà jẹ́ òdì, ìbáà jẹ́ òfo. 3 wà níbẹ̀, nítorí pé 3 + 0√−5 ni. 2 + √−5 wà níbẹ̀, 7 − 4√−5 náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ro méjì nínú wọn pọ̀, tí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, tàbí tí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, inú agbo kan náà ni ìdáhùn yóò bọ́ sí. Pípín nìkan ló lè gbé wa jáde, gẹ́gẹ́ bí pípín 7 sí méjì ṣe ń gbé wa jáde kúrò nínú àwọn odidi tí a mọ̀. Agbo yìí wá jọ àwọn odidi àtijọ́ gan-an, a sì lè bi í ní ìbéèrè kan náà: awẹ́ wo ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní?

Ẹ jẹ́ ká bi í nípa 6. Ọ̀nà kan ti wà tí gbogbo ayé mọ̀, èyíinì ni 2 × 3. Ẹ wá wo èyí:

(1 + √−5) × (1 − √−5)

Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ẹsẹẹsẹ. 1 lọ́nà 1 jẹ́ 1. 1 lọ́nà −√−5 fún wa ní −√−5. √−5 lọ́nà 1 fún wa ní √−5. Àwọn méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Èyí tó kù ni √−5 lọ́nà −√−5, ìyẹn òdì ti òdì 5, tó jẹ́ 5. 1 àti 5 di 6. Nítorí náà:

6 = 2 × 3 = (1 + √−5) × (1 − √−5)

Ẹni tó bá ní ìfura yóò ní kí n dúró ná. Ṣé kì í ṣe bí 12 ṣe jẹ́ 2 × 6, tó tún jẹ́ 3 × 4 nìyí? Ọ̀nà méjì ni ìyẹn náà, àmọ́ kò ba òfin kankan jẹ́, nítorí pé a kò tíì là á dé òpin. Ìfura náà tọ̀nà. Nínú àwọn odidi àtijọ́, 5 kò ṣeé là, ṣùgbọ́n nínú agbo mìíràn tí Gauss náà ṣiṣẹ́ lé lórí, níbi tí √−1 wà, 5 là sí (2 + √−1) × (2 − √−1). Ta ló mọ̀ bóyá nínú agbo tiwa yìí, 2 tàbí 3 ti là sí ohun tó kéré sí i, tí 1 + √−5 náà sì là, tí gbogbo wọn yóò sì bá ara wọn ní ìsàlẹ̀? Àyàfi tí a bá fi hàn pé nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣeé là, a kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun èlò tí a fi ń mọ̀ ni ohun tí n ó pè ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n a + b√−5 ni a² + 5b², odidi lásán. Ìwọ̀n 2 jẹ́ 4. Ìwọ̀n 3 jẹ́ 9. Ìwọ̀n 1 + √−5 jẹ́ 1 + 5, ìyẹn 6, bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1 − √−5. Ohun tó mú un wúlò ni pé tí ẹ bá sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀, ìwọ̀n wọn náà ń di púpọ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ dán an wò: (1 + √−5) lọ́nà (2 + √−5) fún wa ní −3 + 3√−5. Ìwọ̀n èyí jẹ́ 9 + 45, ìyẹn 54. Ìwọ̀n àwọn méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 6 àti 9, 6 lọ́nà 9 sì jẹ́ 54. Kò já wa kulẹ̀, kò sì ní já wa kulẹ̀ láé.

Ní báyìí, ẹ wo irú ìwọ̀n tó ṣeé ṣe. Bí b bá jẹ́ òfo, ìwọ̀n yóò jẹ́ 0, 1, 4, 9 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí b bá jẹ́ 1 tàbí òdì 1, yóò bẹ̀rẹ̀ láti 5, yóò kàn 6, yóò kàn 9, yóò fò dé 14. Bí b bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n kò lè dín sí 20. Ìwọ̀n tí kò tó 10 kò wá ju 0, 1, 4, 5, 6 àti 9 lọ. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú agbo yìí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2, kò sì sí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti parí. Kí 2 tó lè là, ìwọ̀n awẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní láti sọ ara wọn di 4. Ìyẹn lè jẹ́ 1 × 4, tàbí 2 × 2. Nọ́ńbà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 kì í ṣe awẹ́ gidi, nítorí pé 1 àti òdì 1 nìkan ni wọ́n, wọn kò sì ṣe ju kí wọ́n yí àmì padà lọ. 2 × 2 ló kù, a kò sì ní ìwọ̀n 2. Nítorí náà, 2 kò ṣeé là. 3 náà yóò béèrè ìwọ̀n 3, kò sì rí i. 1 + √−5, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6, yóò béèrè 2 àti 3 pa pọ̀, kò sì rí ìkankan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ 1 − √−5 bá a dọ́gba. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dé òpin. Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé 2 ni 1 + √−5 tó wọ aṣọ mìíràn, nítorí pé 1 àti òdì 1 nìkan ló wà láti fi pa nǹkan dà, ìwọ̀n wọn kò sì bára mu: ọ̀kan jẹ́ 4, èkejì jẹ́ 6.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rí yìí ni pé kò gba ju bébà kan lọ, síbẹ̀ ó fi nǹkan kan hàn tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn odidi àtijọ́. 3 ní ìwà méjì níbẹ̀. Ìkínní, kò ṣeé là. Èkejì, bí ó bá pín ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà méjì láìṣẹ́kù, dandan ni kó pín ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ìwà méjèèjì yìí máa ń rìn pọ̀ débi pé ìwé iléèwé kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú agbo √−5, wọ́n pínyà. 2 kò ṣeé là, ó sì pín 6, tó jẹ́ (1 + √−5) × (1 − √−5). Ṣùgbọ́n tí a bá pín 1 + √−5 sí méjì, ìdajì pẹ̀lú ìdajì √−5 ni a ó rí, ìyẹn kò sì sí nínú agbo. Bákan náà ni 1 − √−5. 2 pín àpapọ̀ wọn, kò sì pín ẹnì kankan nínú wọn. Ìwà kejì yìí ni òfin awẹ́ dúró lé. Bí ó bá ti lọ, kí awẹ́ má ṣeé là mọ́ kò tó láti mú kí òpin jẹ́ ọ̀kan.

Ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ lè bínú sí ìdajì tí a lé jáde yẹn. Bóyá àwa la fi agbo wa ṣe kékeré jù, bóyá tí a bá gba ìdajì wọlé, gbogbo rẹ̀ yóò tún tò. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń rí. Ẹ fi √−3 dípò √−5, ẹ ó sì rí i pé 4 jẹ́ 2 × 2, ó tún jẹ́ (1 + √−3) × (1 − √−3), tó dà bíi pé òfin ti kùnà níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìkùnà yẹn kì í ṣe ojúlówó. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ nọ́ńbà tó yẹ kí a kà sí odidi: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdáhùn sí ìdọ́gba tí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ odidi, tí agbára x tó ga jùlọ sì dá dúró láìsí nọ́ńbà kankan níwájú rẹ̀. Ìdajì 1 + √−3 jẹ́ ìdáhùn sí x² − x + 1 = 0. Odidi ni, ó yẹ kó wọlé. Tó bá sì ti wọlé, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1, nítorí náà àmì lásán ni, 1 + √−3 kò sì ju 2 tó wọ aṣọ mìíràn lọ. Òfin padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì 1 + √−5 ń béèrè x² − x + 3/2 = 0, ìdá yẹn sì lé e síta. Agbo √−5 ti kún. Kò sí odidi kankan tí a gbàgbé síta tí a lè fi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí di wàhálà ní gbangba ní ìlú Párìsì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1847. Lọ́jọ́ náà, Gabriel Lamé dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì Faransé, ó ní òun ti yanjú ọ̀rọ̀ tí Fermat fi sílẹ̀ láti bí igba ọdún sẹ́yìn. Ohun tí Fermat sọ ni pé tí n bá ju 2 lọ, kò sí odidi mẹ́ta, láìsí òfo nínú wọn, tí xⁿ + yⁿ = zⁿ lè bá mu. Ọgbọ́n Lamé ni kó la xⁿ + yⁿ sí awẹ́ n, nípa lílo àwọn nọ́ńbà tuntun tó jẹ́ pé tí a bá sọ ọ̀kan nínú wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ títí dé agbára n, yóò di 1. Lẹ́yìn èyí, ó ní bí awẹ́ wọ̀nyí kò bá ní nǹkan kan pọ̀, tí ìsọdipúpọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ alágbára n, a jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ alágbára n.

Joseph Liouville, tí Lamé ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ló ta òun lólobó ọ̀nà náà, dìde lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbà. Ó béèrè bóyá òfin awẹ́ ṣì dúró láàárín àwọn nọ́ńbà tuntun yẹn. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn Lamé yẹn rọ̀ mọ́ òfin náà pátápátá, a sì lè rí ewu rẹ̀ nínú agbo kékeré tiwa. Ẹ wo 9. Alágbára méjì 3 ni. Ó tún jẹ́ (2 + √−5) × (2 − √−5), nítorí pé 4 àti 5 jẹ́ 9. Ìwọ̀n 2 + √−5 jẹ́ 9, kò ṣeé là nítorí pé a kò ní ìwọ̀n 3. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2 − √−5. Àwọn méjèèjì kò ní awẹ́ kankan pọ̀, ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ alágbára méjì pípé, síbẹ̀ kò sí èyí tó jẹ́ alágbára méjì nínú wọn. Ohun tí Lamé sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ níbí.

Fún bí oṣù mẹ́ta, Lamé àti Augustin Cauchy sá kiri láti tún ibẹ̀ ṣe. Wọ́n tilẹ̀ fi àpòòwé tí a lẹ̀ pa sí ìpamọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà kó má baà di pé ẹnì kan ṣáájú ẹnì kejì. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún, Liouville ka lẹ́tà kan tó ti ìlú Breslau wá, ìlú tó ń jẹ́ Wrocław ní Pólándì lónìí. Ernst Kummer ló kọ ọ́. Ó ní ohun tí Liouville ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀, òun sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1844. Láàárín àwọn aláìṣeélà tí a lè fi sí ipò n, òfin awẹ́ dúró títí dé 19, ó sì kùnà ní 23. Mo máa ń káàánú Lamé díẹ̀. Tí 23 bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó ń kùnà, ẹni tó bá dán 3, 5, 7, 11 àti 13 wò kò ní rí nǹkan kan tó máa dẹ́rù bà á.

Kummer kò dúró sí ìròyìn burúkú yẹn. Èrò rẹ̀ ni pé tí nọ́ńbà méjì bá ń là lọ́nà tí kò bára mu, ó ní láti jẹ́ pé awẹ́ kan wà nísàlẹ̀ tí agbo náà kò fi hàn wá. Ó pe irú awẹ́ bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà àìdíàlì. Ó fi wọ́n wé fúlúrínì, èròjà kan tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ìgbà náà mọ̀ pé ó wà nínú àwọn nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lóun nìkan. (Henri Moissan ló padà yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1886.) Pẹ̀lú irú awẹ́ yìí, Kummer fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ Fermat lẹ́yìn fún gbogbo aláìṣeélà tó ju 2 lọ tí kò tó 100, àyàfi 37, 59 àti 67.

Àmọ́ kí ni nọ́ńbà tí kò sí? Richard Dedekind ló fún un ní ara, ní 1871. Ó ní bí a kò bá lè rí awẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo nọ́ńbà tó yẹ kó pín jọ, ká sì máa lo àkójọ yẹn dípò rẹ̀. Àkójọ náà ni a ń pè ní àìdíàlì títí dòní. Nígbà tó tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní èdè Faransé ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, √−5 gan-an ló fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ wa. Ẹ kó gbogbo a + b√−5 tí a àti b jọ jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, tàbí tí àwọn méjèèjì kò ṣeé pín sí méjì, sínú àkójọ kan. Ẹ pè é ní P. 2 wà níbẹ̀, 1 + √−5 wà níbẹ̀, 1 − √−5 náà sì wà níbẹ̀. P ni awẹ́ tó fara sin tí 2 àti 1 + √−5 ní pọ̀. Tí a bá sọ àkójọ méjì di púpọ̀, a ó mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀kan, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú èkejì, a ó sì gba gbogbo ohun tó bá ti inú ríròpọ̀ wọn jáde. Kí ni P × P? 2 × 2 fún wa ní 4. 2 lọ́nà 1 + √−5 fún wa ní 2 + 2√−5. 1 + √−5 lọ́nà ara rẹ̀ fún wa ní −4 + 2√−5. Gbogbo wọn ni 2 pín. Ẹ wá yọ ìkẹta kúrò nínú ìkejì, 6 ló kù; ẹ yọ 4 kúrò nínú 6, ó ku 2. Nítorí náà, 2 fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, P × P sì jẹ́ àkójọ gbogbo ohun tí 2 pín, kò lé, kò dín. Nọ́ńbà 2 tí a fi ìwọ̀n dán wò tó ní òun kò ṣeé là, P méjì ló wà nínú rẹ̀.

3 náà ní tirẹ̀. Ẹ pe àkójọ gbogbo a + b√−5 tí 3 pín a − b ní Q, ẹ sì pe èyí tí 3 pín a + b ní R. Nínú Q × R, a ó rí 3 × 3 tó jẹ́ 9, a ó sì rí (1 + √−5) × (1 − √−5) tó jẹ́ 6. 9 yọ 6 kúrò, ó ku 3. Gbogbo èyí tó kù níbẹ̀ ni 3 pín pẹ̀lú. Nítorí náà, 3 jẹ́ Q × R. Bí ẹ bá fi sùúrù ṣe irú ìṣirò kan náà, ẹ ó rí i pé P × Q jẹ́ àkójọ 1 + √−5, P × R sì jẹ́ ti 1 − √−5.

Obì alawẹ́ mẹ́rin ni 6 látìbẹ̀rẹ̀: P, P, Q àti R. Ẹni tó pè é ní 2 × 3 so P mọ́ P, ó sì so Q mọ́ R. Ẹni tó pè é ní (1 + √−5) × (1 − √−5) so P mọ́ Q, ó sì so P kejì mọ́ R. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Agbo √−5 kàn ni kò ní nọ́ńbà tó lè dúró fún awẹ́ kan ṣoṣo. Méjì méjì ló ń mú wọn jáde. Òfin Gauss wá padà, àmọ́ láàárín àwọn àkójọ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí: Dedekind fi ẹ̀rí hàn pé nínú gbogbo agbo odidi áljẹ́brà, àìdíàlì kọ̀ọ̀kan là sí awẹ́ tirẹ̀ lọ́nà kan ṣoṣo.

Ó ku ká mọ bí ìkùnà ṣe tóbi tó nínú agbo kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kò dọ́gba. Àwọn onímọ̀ máa ń to àìdíàlì sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́: àwọn tí nọ́ńbà gidi kan dúró fún wà nínú ẹgbẹ́ kan, àwọn tó kù ń pín ara wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jìnnà sí jíjẹ́ nọ́ńbà gidi. Iye ẹgbẹ́ náà ni ìwọ̀n ìkùnà. Bí ó bá jẹ́ 1, òfin awẹ́ dúró ṣinṣin. Fún gbòǹgbò àwọn nọ́ńbà òdì, mẹ́sàn-án péré ni agbo tó rí bẹ́ẹ̀: òdì 1, 2, 3, 7, 11, 19, 43, 67 àti 163. Gauss ti fura sí i. Kurt Heegner, ará Jámánì, tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1952, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kò gbà á gbọ́, ó sì kú ní 1965 kí Alan Baker àti Harold Stark tó wá fi ẹ̀rí tiwọn hàn. Stark ló padà sọ pé ohun tí wọ́n ní ó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ Heegner kò tó nǹkan rárá.

Fún √−5, iye ẹgbẹ́ jẹ́ 2, èyí sì ni ìkùnà tó fúyẹ́ jù. 21 tilẹ̀ là lọ́nà mẹ́ta níbẹ̀, ìyẹn 3 × 7, (1 + 2√−5) × (1 − 2√−5), àti (4 + √−5) × (4 − √−5), ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé awẹ́ méjì méjì ni gbogbo wọn. Leonard Carlitz fi ẹ̀rí hàn ní 1960 pé bí iye ẹgbẹ́ kò bá ti ju 2 lọ, ọ̀nà yòówù kí a gbà la nọ́ńbà, iye awẹ́ tí a ó kà kò ní yí padà. Tó bá sì ti ju 2 lọ, dandan ni kí iye náà yí padà níbì kan.

Agbo √−14 ní ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ìwọ̀n níbẹ̀ jẹ́ a² + 14b², kò sì sí ìwọ̀n 3, nítorí náà 3 kò ṣeé là. Ẹ wo 5 + 2√−14. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 25 + 56, ìyẹn 81. Kó tó lè là, ó nílò 3 àti 27, tàbí 9 àti 9. 3 kò sí, 27 kò sí. Nọ́ńbà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9 sì wà, ṣùgbọ́n 3 àti òdì 3 nìkan ni, kò sì sí èyí tó pín 5 + 2√−14. Kò ṣeé là. Bẹ́ẹ̀ náà ni 5 − 2√−14. Ẹ wá sọ wọ́n di púpọ̀:

81 = 3 × 3 × 3 × 3 = (5 + 2√−14) × (5 − 2√−14)

Awẹ́ mẹ́rin lápá kan, awẹ́ méjì lápá kejì, gbogbo wọn aláìṣeélà. Nínú 3 kọ̀ọ̀kan, àìdíàlì méjì tó yàtọ̀ síra ló wà. Nínú 5 + 2√−14, ọ̀kan nínú àwọn àìdíàlì yẹn ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí pé nínú agbo yìí, ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin kí òun nìkan tó lè di nọ́ńbà.